Kápà àti Ààlà Ìbáramu Nínú Ìdánwò Ẹ̀rọ Ìwọ̀n Ìfúnpá: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Ní ọdún 1986, Bland àti Altman, àwọn onímọ̀ ìṣirò ìlera méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Wọ́n fi í tako àwọn olùwádìí tó ń fi òǹkà ìbátan nìkan jẹ́rìí pé irinṣẹ́ méjì bára mu. Àwọn ènìyàn 17 ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Olúkúlùkù fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ ńlá kan àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn bí èémí ṣe ń jáde lágbára tó. Òǹkà ìbátan tó jáde jẹ́ 0.94, èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò fi yangàn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láàrin wọn tí ẹ̀rọ ńlá ka èémí rẹ̀ sí lítà 178 ní ìṣẹ́jú kan, tí kékeré kà á sí 259. Ara ẹnì kan náà ni méjèèjì ń wọ̀n.

Ọ̀nà tí wọ́n dá lábàá kò le. Kí a yọ òǹkà ẹ̀rọ kan kúrò nínú ti èkejì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí a wá àròpín ìyàtọ̀ náà àti bí ó ṣe tàn ká tó. Lẹ́yìn náà kí a fi ìlọ́po méjì ìtànká náà kún àròpín, kí a sì tún yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀. Ní ti àwọn 17 náà, àròpín jẹ́ −2.1, ìtànká sì jẹ́ 38.8. Ààlà ìbáramu wá bọ́ sí àárín −79.7 àti 75.5. Àròpín nìkan ì bá mú ẹni tí kò wo ìtànká sọ pé ìyàtọ̀ kò sí. Ààlà ló fi hàn pé ẹ̀rọ kan lè fi nǹkan bí 80 lítà jìnnà sí èkejì. Ìṣirò kò lè sọ bóyá 80 pọ̀ jù. Oníṣègùn ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ni ó sì yẹ kó ti sọ ọ́.

Kápà ti pẹ́ jù ú lọ. Cohen ló gbé e jáde ní ọdún 1960, nínú ìwé ìròyìn tó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá, nítorí náà kì í ṣe àlejò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ «bẹ́ẹ̀ ni» tàbí «bẹ́ẹ̀ kọ́» ni wọ́n ti ń lò ó. Ó ń yọ ìbáramu tí kò ju kòńgẹ́ lọ kúrò nínú èyí tí ojú rí.

Bí ilé ìwòsàn kan ní Bẹẹrẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá oníbátìrì rọ́pò èyí tó ń lo mẹ́kúrì, àpẹẹrẹ àfinúrò yìí yóò là á yé ni. Ènìyàn 100 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ méjèèjì fohùn ṣọ̀kan pé 30 ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé 50 kò ní i. Nínú 20 tó kù, ẹ̀rọ tuntun nìkan dá 10 lẹ́bi, ti àtijọ́ nìkan sì dá 10 yòókù lẹ́bi. Ìbáramu jẹ́ 80 nínú 100. Nítorí pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mú ènìyàn 40, kòńgẹ́ lásán ì bá mú 52 bára mu: 16 lọ́nà «bẹ́ẹ̀ ni», 36 lọ́nà «bẹ́ẹ̀ kọ́». Bí a bá yọ 52 kúrò nínú 80, 28 ló kù. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 100, 48 ló kù. 28 tí a fi 48 pín ni 0.58, òun sì ni kápà.

Kí a wá yí ẹjọ́ náà padà díẹ̀: ẹ̀rọ tuntun nìkan ló dá gbogbo 20 náà lẹ́bi, ti àtijọ́ kò sì dá ẹnì kankan lẹ́bi lóun nìkan. Ìbáramu ṣì jẹ́ 80. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun ti mú 50, ti àtijọ́ sì mú 30, nítorí náà kòńgẹ́ wá jẹ́ 50, kápà sì di 30 tí a fi 50 pín, ìyẹn 0.60. Ẹ̀rọ tó ń fi kún ìfúnpá àwọn aláìsàn ní gbogbo ìgbà gba máàkì tó ju ti èyí tó ń ṣìnà sọ́tùn-ún sósì! Àléébù kápà nìyí: kò wo ìhà tí àṣìṣe kọjú sí. Ogún ìyá àti bàbá lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tí wọn kò nílò, kí ìwé ìwádìí náà sì máa yin ẹ̀rọ tuntun.

Àròpín ìyàtọ̀ inú ọ̀nà Bland àti Altman ni yóò tú àṣírí náà, nítorí yóò kúrò ní òdo pátápátá. Síbẹ̀, ààlà nìkan kò tó. Ìlànà àgbáyé fún ẹ̀rọ ìfúnpá gba kí àròpín ìyàtọ̀ má ju 5 lọ, kí ìtànká má sì ju 8 lọ, lórí mìlímítà mẹ́kúrì, láàrin ó kéré tán ènìyàn 85. Ẹ̀rọ tó bá wà ní góńgó méjèèjì yóò yege, ṣùgbọ́n ààlà rẹ̀ lè jẹ́ láti −11 dé 21. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 140 gan-an lè gba 129 tàbí 161. Iye ènìyàn tó dúró lẹ́bàá 140 ní àdúgbò náà ló máa pinnu iye àwọn tí yóò bọ́ sí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tiwọn. Kápà ń fi èyí hàn dé ìwọ̀n kan, ààlà kì í fi í hàn.

Nítorí náà, ìwé ìwádìí tó bá gbé kápà nìkan kalẹ̀ ti fi ìdajì ẹjọ́ pamọ́. Tábìlì oníhà mẹ́rin náà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí òǹkàwé lè rí bóyá 20 náà pín sí 10 àti 10, tàbí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá.