Àyọkà Kúkúrú àti Okùnfà Òwò Ẹrú

Bí a bá gbé àyọkà méjì síwájú akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, tí a ní kí ó ti inú wọn ṣàlàyé ohun tó fa òwò ẹrú orí Òkun Àtìláńtíìkì, gbólóhùn tó bá kọ́kọ́ hàn sí i ni ó sábà máa ń pè ní okùnfà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń dojú rú, nítorí ohun tí ojú òǹkọ̀wé tó nìkan ni àyọkà lè jẹ́rìí sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo lẹ́tà tí Àfọ́nsò Kìíní, ọba Kóńgò, kọ sí ọba àwọn Potogí ní oṣù Keje ọdún 1526. Ó ráhùn pé ojoojúmọ́ ni àwọn oníṣòwò ń kó àwọn ènìyàn òun lọ, títí kan ọmọ ìjòyè àti ẹbí ọba, nítorí pé ọjà òyìnbó ti wọ àwọn ará ìlú lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ a wá kọ ọ́ pé ojúkòkòrò aláwọ̀ dúdú ló fa òwò ẹrú. Ìdajì ìdáhùn ni èyí. Lẹ́tà náà fi hàn bí a ṣe ń rí ẹrú kó, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí olùrà fẹ́ fi wọ́n ṣe. Oko ìrèké àwọn Potogí ní erékùṣù Sàó Tómè wà lára ohun tí wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ sí.

Nínú lẹ́tà yìí kan náà ni ọba ti sọ pé òun kò fẹ́ òwò ẹrú ní ilẹ̀ òun. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó yan ènìyàn mẹ́ta láti máa yẹ ẹrú wò, kí a má baà ta ọmọ onílùú mọ́ ẹrú. Ẹni tó bá ka àyọkà àkọ́kọ́ nìkan yóò rò pé ọba náà pa òwò náà tì pátápátá.

Àyọkà kejì lè jẹ́ ti Àjàyí Crowther, tó kọ ìtàn ara rẹ̀ ní ọdún 1837. Ní ọdún 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn, nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń dàrú. Ẹlẹ́rìí tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwò náà ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí wọ́n tó mú un. Ogun tó kó o kò lè jẹ́ ohun tó bẹ̀rẹ̀ òwò náà. Ohun tó ń bọ́ ọ ni.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dáhùn, kí ó kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ẹni tó kọ ọ́ sí àti ọdún rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyọkà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, kí ó pín ìdáhùn sí méjì: ohun tó mú kí olùrà wá ẹrú, àti ohun tó mú kí ẹrú wà fún títà. Àyọkà méjèèjì dáhùn ìbéèrè kejì. Ti àkọ́kọ́, ìwé mìíràn ni yóò ti wá a, kí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó tà nìkan ni ẹ̀bi yóò wà lórí, olùrà yóò sì lọ láìjẹ́jọ́.