Mọ́tò Á Lọ, Òpó Á Kù

Iṣẹ́ àwọn tó ń tún fọ́tò ilé títà ṣe ní Àbíjáǹ wù mí. Ká sọ pé ilé kan wà ní Kòkódí: garawa ìdọ̀tí wà lẹ́nu géètì, mọ́tò aládùúgbò dí ògiri, òpó iná sì dúró síwájú. Ọ̀gá iṣẹ́ kì í kánjú pa wọ́n rẹ́. Á gbé kámẹ́rà lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á ya ọ̀kan, á dúró dìgbà tí mọ́tò bá lọ, á wá ya èkejì láti ojú kan náà. Ògiri gidi ló fi dí àyè mọ́tò. Ẹni tó bá ya ògiri àtinúdá síbẹ̀ lè bo gọ́tà tó là sílẹ̀. Òjìji tí kò ní olóhun ló sì máa ń tú àṣírí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Garawa ṣeé gbé, mọ́tò á lọ, ṣùgbọ́n òpó àti wáyà rẹ̀ á bá ẹni tó ra ilé gbé. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò, kí wọ́n sì fi ti àkọ́kọ́ hàn. Ẹni tó wá wo ilé á fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹni tó ń rà á láti Párísì, fọ́tò nìkan ló mọ̀. Bó bá sì fìdí ẹ̀tàn múlẹ̀, ilé ẹjọ́ lè fagi lé àdéhùn náà.