Òdo Tó Ń Sá Lọ

Ẹni tó mọ fóònù tẹ̀ dáadáa sábà máa ń fi ìyára yangàn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, àyẹ̀wò ni ògidì iṣẹ́ títẹ àkọsílẹ̀ sórí fóònù. Ká ní oníṣòwò aṣọ kan ya fọ́tò ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, pé kí wọ́n bá òun tẹ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà sínú Google Sheets. Bí akọ̀wé bá tẹ nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, kíá ni òdo iwájú á pòórá, torí pé ojú iye ni Sheets fi wò ó, òdo iwájú kò sì já mọ́ nǹkan kan nínú iye. Akọ̀wé tó lójú inú á kọ́kọ́ tẹ àmì ' síwájú nọ́ńbà. Àmì náà ò ní hàn, òdo á sì dúró. Lẹ́yìn náà, á kọ èyí sí òpó kẹta:

```
=LEN(B2)
```

Èsì fún nọ́ńbà fóònù alágbèéká Nàìjíríà máa ń jẹ́ 11. Níbi tí 10 bá ti jáde, nǹkan ti jábọ́. Àmọ́ ẹni tó ka 6 sí 0 á ṣì rí 11, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tún fọ́tò náà kà.

Àwọn kan á ní fóònù kéré jù. Òótọ́ ni, bí òpó bá pọ̀ tó ogún, yíyí ìwé síhìn-ín sọ́hùn-ún á mú kéèyàn kọ iye sí ìlà ẹlòmíì. Ìwé tó ní òpó méjì tàbí mẹ́ta ni kí akọ̀wé gbà, kó sì kọ ìyókù láìtijú.