Àtẹ̀gùn Kọ́, Igi Ni: Àyẹ̀wò Igi Ìyè Kàbálà Nínú Ìwé Jósẹ́fù Gikatílà

Àṣamọ̀

Bébà yìí yẹ àwòrán Igi Ìyè àwọn Júù onímọ̀ Kàbálà wò, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń fi í ṣàlàyé ìṣẹ̀dá àti ìgòkè ọkàn. Ìwé *Ṣááréì Órà* tí Jósẹ́fù Gikatílà kọ ni a gbé lé ìwọ̀n. Èrò wa ni pé àwòrán náà, bí a ṣe ń yà á, ń bo ohun tí ìwé náà fẹ́ kọ́ni mọ́lẹ̀: orúkọ Ọlọ́run ni ọ̀nà, ìsàlẹ̀ sì ni ìbẹ̀rẹ̀.

Ìfáàrà

Ẹni tó bá ka Jẹ́nẹ́sísì 2:9 mọ igi ìyè sí igi tó wà láàárín ọgbà Édẹ́nì. Àwọn onímọ̀ Kàbálà ń lo orúkọ yìí fún ohun mìíràn. Ní tiwọn, Ọlọ́run Aláìlópin, tí èrò ẹ̀dá kò lè dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀, ń fi agbára Rẹ̀ hàn ní ipele mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní sẹ́fírọ́ọ̀tì. Tí a bá yà wọ́n sórí pépà, róbótó mẹ́wàá ni wọ́n, tí a tò sí òpó mẹ́ta. Kẹ́tẹ̀rì, ìyẹn Adé, wà lókè pátápátá. Málíkúùtì, ìyẹn Ìjọba, wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé ìṣẹ̀dá sọ̀ kalẹ̀ láti Kẹ́tẹ̀rì títí dé Málíkúùtì, àti pé ọkàn ènìyàn ń gba ọ̀nà kan náà padà sókè. Àlàyé yìí kì í ṣe irọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó sọ igi di àtẹ̀gùn, bí ẹni pé ohun tó kù kò ju kí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ lé e kó sì máa gùn.

Ìwé àti Àwòrán Rẹ̀

Mẹdinasẹ́lì ní ilẹ̀ Kásítílì, ní Sípéènì, ni wọ́n bí Gikatílà sí ní ọdún 1248. Ìtumọ̀ àkọlé ìwé rẹ̀ ni *Àwọn Ẹnu-ọ̀nà Ìmọ́lẹ̀*. Ní ọdún 1516, wọ́n tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìnì, tí Páúlù Ríkíúsì ṣe, jáde nílùú Ọ́gísíbọ́ọ̀gì ní Jámánì. Àwòrán iwájú ìwé náà fi ọkùnrin kan hàn tó jókòó, tó di igi kan mú, róbótó mẹ́wàá sì wà lára igi náà. Títí di òní, àwòrán yìí wà lára èyí tí a máa ń rí jù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan Kàbálà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwòrán náà ṣe. Gbogbo igi náà ló hàn lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ ènìyàn ló sì wà. Ìwé náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnu-ọ̀nà mẹ́wàá ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sẹ́fírọ́ọ̀tì kan àti orúkọ Ọlọ́run tó bá a mu. Málíkúùtì ni òǹkọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu-ọ̀nà ìkẹwàá ló tó dé Kẹ́tẹ̀rì. Nítorí náà, ẹni tó ń ka ìwé náà láti ojú-ewé àkọ́kọ́ ti ń gòkè kó tó fura. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìwé náà gan-an ni ẹ̀kọ́ ìgòkè.

Ẹnu-ọ̀nà Kìíní: Adágún àti Ààfin

Orúkọ tó wà ní ẹnu-ọ̀nà kìíní ni Ádónáì, tí a túmọ̀ sí Olúwa. Gikatílà pe ipele yìí ní adágún tí ìbùkún ń ṣàn sí láti òkè kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dá. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó dúró fún adágún àti èyí tó dúró fún ìbùkún ní kọ́ńsónáǹtì kan náà. Fáwẹ̀lì nìkan ló yà wọ́n. Olùkọ́ Yorùbá tó ti rí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kọ *igbá* àti *ìgbà* láìfi àmì sí i yóò tètè mọ ohun tí òǹkọ̀wé ń fi ṣeré níbí.

Orúkọ onílẹ́tà mẹ́rin, tí àwọn Júù kì í pè jáde, wà ní àárín igi, ní Tífẹ́rẹ́ẹ̀tì. Nígbàkígbà tí wọ́n bá rí i nínú Ìwé Mímọ́, Ádónáì ni wọ́n ń pè é. Gikatílà rí ẹ̀kọ́ nínú àṣà yìí. Ádónáì dà bí ààfin tí Orúkọ náà wọ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ń dé ọ̀dọ̀ ọba láìgba ẹnu-ọ̀nà ààfin. Kódà, tí a bá ṣírò lẹ́tà Hébérù sí nọ́ńbà, 65 ni Ádónáì, 65 náà sì ni ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ààfin.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó ń ka Bíbélì Yorùbá. Níbi tí orúkọ onílẹ́tà mẹ́rin bá wà, OLUWA ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá; níbi tí Ádónáì bá wà, Oluwa ni. Ojú rí ìyàtọ̀, etí kò gbọ́ ọ. Ẹnì kan lè sọ pé ìtumọ̀ wa ti ba àwòrán Gikatílà jẹ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Etí Júù náà kò gbọ́ ìyàtọ̀ nínú sínágọ́gù. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ fi hàn ni pé orúkọ méjì ló wà lábẹ́ ìpè kan.

Báwo ni Ọkàn Ṣe Ń Gòkè?

Nínú ìwé yìí, ọkàn kò kúrò nínú ara kó tó gòkè. Àdúrà ni ìgòkè náà. Ọ̀rọ̀ Orin Dáfídì 51:15, tó bẹ Olúwa pé kó ṣí ètè, ni àwọn Júù fi ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà àdúróṣe wọn. Ádónáì sì ni orúkọ tó wà nínú ẹsẹ náà. Ẹnu-ọ̀nà kìíní ti ṣí nìyẹn. Láti ibẹ̀, èrò ọkàn ń lọ sí Yẹ́sọ̀dù, tó ń gbé omi wá sínú adágún, kó tó dé Tífẹ́rẹ́ẹ̀tì, tí í ṣe ìtì igi. Gikatílà ní orúkọ onílẹ́tà mẹ́rin ni ìtì, àwọn orúkọ yòókù sì jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Gbòǹgbò ni orúkọ tí Ọlọ́run sọ fún Mósè nínú Ẹ́kísódù 3:14, Kẹ́tẹ̀rì ló sì wà. Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè nìyí.

Ibi tí igi ti yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn nìyí. Ẹni tó gun àtẹ̀gùn máa ń fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ní ti igi yìí, ẹni tó gòkè ń lọ kí omi lè ṣàn wálẹ̀ ni. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn bá dí ojú ọ̀nà omi, adágún á gbẹ, ìyà rẹ̀ á sì kan gbogbo ìlú.

Ibi tí Ìwé Náà Kù Sí

Gẹ́gẹ́ bí àwòrán ìgòkè, ìwé náà dúró dáadáa. Gẹ́gẹ́ bí àwòrán ìṣẹ̀dá, ó mẹ́hẹ. Gikatílà sọ bí ìbùkún ṣe ń ṣàn, kò ṣàlàyé tó bí ọ̀pọ̀ ṣe ti inú Ọ̀kan jáde. Ó di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ní Sáfẹ́ẹ̀dì, kí Íísáákì Lúríà (1534–1572) tó kọ́ni pé Ọlọ́run kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kí àyè lè wà, àti pé àwọn ohun èlò tó gba ìmọ́lẹ̀ fọ́. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ọkàn kò mọ sí gbígòkè mọ́. Àtúnṣe wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀kọ́ Lúríà ka Gikatílà ń fi ojú ọmọ wo bàbá.

Àgbálọgbábọ̀

Àbá wa kò pọ̀. Bí olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn bá fẹ́ ya Igi Ìyè yìí sójú pátákó, kó má ṣe ya gbogbo rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti róbótó ìsàlẹ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀, kó ṣàlàyé rẹ̀ tán kó tó ya èkejì. Kó sì fi ọfà méjì sí i: èyí tó ń gòkè fún àdúrà, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ fún ìbùkún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ọfà kan ṣoṣo ti rí àtẹ̀gùn. Kò tíì rí igi.