Ìwé Tó Mọ́ Láti Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ń tẹ àpilẹ̀kọ nípa kòkó fún àgbẹ̀ ní Àgọ́ Aláyé mọ ìyà ìpolówó: yíǹkì á tán sórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kà. Mo fẹ́ràn ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nínú Firefox lórí Windows, á kọ́kọ́ yí ojú ìwé náà dé ìsàlẹ̀, kí àwòrán lè jáde tán. Á tẹ F9, ìpolówó á pòórá. Á wá tẹ Ctrl+P, á yan Save to PDF. Bí àkọlé bá dá wà nísàlẹ̀ ojú ewé, á dín Scale kù díẹ̀, bíi láti 100 sí 95. Ṣùgbọ́n F9 lè gbé àtẹ ìwọ̀n oògùn sọnù. Ẹ fi wé ti àkọ́kọ́ kí ẹ tó gbé e fún àgbẹ̀.