Ta Ló Ń Lé Orin Yìí? Ọ̀rọ̀ lórí Ohùn tí Kò Lórúkọ Lára Àwo

Bàbá àgbà kan ní Kíkà gbé àwo kékeré kan ti Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu wá bá mi, ó ní kí n ka orúkọ ẹni tó ń lé orin náà fún òun. Mo ka bébà àárín àwo náà tán. Orúkọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ tó tà á wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó hun orin náà sì wà nínú àkámọ́. Orúkọ ẹni tó fi ohùn rẹ̀ lé e kò sí. Bàbá wò mí, ó ní: "Olùkọ́, ṣé olóhùn kò wá lórúkọ ni?"

Olóhùn lórúkọ. Ọ̀nà tí a ń gbà wá a ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì, nítorí pé ohùn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ohùn iyọ̀ ni, tàbí ohùn gooro, wọ́n á sì dárúkọ olórin tí wọ́n kọ́kọ́ rántí. Bẹ́ẹ̀ ohùn iyọ̀ pọ̀ ju ẹni ọgọ́rùn-ún lọ. Àkókò ló yẹ kó ṣáájú, nítorí àkókò ló ń dín iye ẹni tí a ó fura sí kù.

Àwo Poly-Rythmo fúnra rẹ̀ lè kọ́ wa ní èyí. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè wa fi orúkọ Dahomey sílẹ̀, tó di Bénin. Bí bébà àwo bá sọ pé Dahomey, a lè gbà pé wọ́n ti gba ohùn inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé Bénin, ọjọ́ tí wọ́n tẹ àwo nìkan ló sọ fún wa. Orin náà lè ti pẹ́ kí wọ́n tó tún un tẹ̀. Orúkọ kìíní ń ti ilẹ̀kùn, èkejì kò tì í.

Lẹ́yìn àkókò ni a ó wá fetí sí ohùn, a ó sì kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ bá fi nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún yára ju bó ti yẹ lọ, gbogbo orin náà yóò gòkè ní ìdajì ìgbésẹ̀ ohùn, ohùn ọkùnrin tó nípọn yóò sì tínrín bí ti ọ̀dọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kí ó ka iye ìgbà tí àwo yí po láàárín ìṣẹ́jú kan: márùndínláàádọ́ta ló yẹ kó jẹ́ fún àwo kékeré.

Kí a lè rí bí ọ̀nà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a gbé e lé orin kan tí gbogbo ènìyàn ti gba ìdáhùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1962, àwo kan tí wọ́n ń pè ní "He's a Rebel" jáde. Orúkọ àwọn ọmọbìnrin New York kan, The Crystals, ni ó wà lára rẹ̀, ó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Barbara Alston ló máa ń lé orin fún wọn. Ẹni tó bá gbọ́ "Uptown", tó jáde ní ọdún kan náà, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀: ó fúyẹ́, ó ń tijú díẹ̀. Ohùn inú "He's a Rebel" kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wúwo, àyà ni ó ti ń jáde, ó sì dúró gbọin lórí gbogbo ìlù àti fèrè bí ohùn ẹni tí ó dàgbà sínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn ọmọdébìnrin kì í yí padà tó báyìí láàárín oṣù díẹ̀. Ẹlòmíràn ni.

Ibo ni a ó ti wá a? Ibi tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀ ni. New York ni wọ́n ti ṣe "Uptown", ṣùgbọ́n sitúdíò Gold Star ní Los Angeles ni Phil Spector ti ṣe èyí, ní oṣù keje ọdún 1962. Ó ń kánjú, nítorí pé olórin mìíràn, Vikki Carr, ń ṣe orin kan náà lọ́wọ́, àwọn Crystals kò sì sí nítòsí. Nítorí náà, àárín àwọn elégbè tí ń gbowó iṣẹ́ ní Los Angeles ni ó yẹ kí a wò. Ẹgbẹ́ The Blossoms wà láàárín wọn, Darlene Wright ló sì ń lé orin fún wọn.

Nísinsìnyí ni ìfiwéra lè bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1963, obìnrin yìí ṣe àwo kan lórúkọ ara rẹ̀, Darlene Love, èyí tí Spector fún un. Ẹ gbé àwo "(Today I Met) The Boy I'm Gonna Marry" sẹ́gbẹ̀ẹ́ "He's a Rebel". Kì í ṣe adùn ohùn ni kí ẹ fetí sí. Ẹ fetí sí ibi tó ti ń mí, bó ṣe ń ti fáwẹ̀lì jáde ní ìparí ìlà, àti bó ṣe ń dé orí ohùn òkè láì fà á. Ohun wọ̀nyí ni ènìyàn kì í rántí láti yí padà. Ẹ̀rí ẹnu wá tẹ̀ lé e: Love sọ pé òun ni, àwọn Crystals náà sì sọ pé orí rédíò ni àwọn ti kọ́kọ́ gbọ́ orin tí wọ́n pè ní tiwọn.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ o. Nígbà tí "Da Doo Ron Ron" jáde ní ọdún 1963, ohùn tó lágbára tún wà nínú rẹ̀, àwọn kan sì yára sọ pé Love ni. Kì í ṣe òun. Dolores Brooks, ọ̀kan nínú àwọn Crystals gan-an, ló lé e. Òun ni wọ́n ti gbé síwájú láti máa lé "He's a Rebel" lórí ìtàgé, nítorí pé orin náà kò bá ohùn Alston mu. Ẹni tó ń fi ohùn ẹlòmíràn jẹun lójoojúmọ́ yóò jọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Àpèjúwe ohùn nìkan ì bá ti sọ Brooks nù, gẹ́gẹ́ bí bébà àwo ti sọ Love nù.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ju iyì lọ. Ní ọdún 1993 ni Love pe Spector lẹ́jọ́ nítorí owó orin rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a láre. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò lórúkọ kò ní ibi tí yóò dúró sí láti béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àwo bàbá. Lohento Eskill, Vincent Ahéhéhinnou àti Amenoudji Joseph, tí wọ́n ń pè ní Vicky, ni gbajúmọ̀ olùlé orin Poly-Rythmo ní àwọn ọdún 1970. Orúkọ inú àkámọ́ kò tó ẹ̀rí, nítorí pé ẹni tó hun orin lè fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. A nílò àwo kan fún olúkúlùkù wọn tí ẹni tó wà níbẹ̀ lè jẹ́rìí sí, kí a tó fi tiwa wé e. Ẹ má sì jẹ́ kí èdè tàn yín. Bí olórin bá ń pe "ṣ" bíi "s" nínú orin Yorùbá, àwọn kan á sọ pé Fọ̀n ni, nítorí pé èdè Fọ̀n kò ní ìró náà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ń pè é bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í ṣe Fọ̀n.

Mo sọ fún bàbá pé mẹ́ta ni mo fura sí, n kò sì tíì lè yan ọ̀kan. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní orúkọ tí a fi ìkánjú fún ẹni, ẹlòmíràn ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.