Bí A Ṣe Ń Dá Akẹ́kọ̀ọ́ Ètò Kọ̀ǹpútà Lóhùn

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a tò lẹ́sẹẹsẹ kí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé wọn, kì í sábàá béèrè nípa ibi tí àṣìṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àṣìṣe náà ti yọjú sí i ni ó máa ń béèrè nípa rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tí yóò dá a lóhùn pín sí ọ̀nà méjì: ó ní láti tọpa ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí títí dé orísun rẹ̀, ó sì ní láti sọ ohun tí ó bá níbẹ̀ ní ìwọ̀nba gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò lè lò lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọ̀nà kejì ni ó nira jù, ibẹ̀ náà sì ni adùn iṣẹ́ náà wà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ olùdáhùn ti ń di ohun ìní olùbéèrè.

A lè fi ìbéèrè kan tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń kọ́ èdè kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Python yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ kọ ètò tí yóò béèrè iye owó kóńgò gàrí kan, tí yóò sì ṣírò iye kóńgò mẹ́ta. Ìlà mẹ́ta péré ni ó kọ:

```
iye = input("Iye owo kongo kan: ")
apapo = iye * 3
print(apapo)
```

Ìlà kìíní gba iye owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lo ètò náà, ìlà kejì ṣe ìsọdipúpọ̀, nítorí àmì ìràwọ̀ ni Python fi ń ṣe é, ìlà kẹta sì gbé èsì jáde. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ 500, ó ń retí 1500, ṣùgbọ́n 500500500 ni ó rí. Kọ̀ǹpútà kò kìlọ̀ fún un pé àṣìṣe kankan ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ètò rẹ̀ kò dúró lójú ọ̀nà. Ohun tí ó rí ni pé `print` tẹ iye owó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdí sì nìyí tí ó fi béèrè pé: báwo ni a ṣe ń dá `print` lẹ́kun kí ó má tẹ nọ́ńbà kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ?

Ohun tí ó yẹ kí olùdáhùn kọ́kọ́ ṣe ni kí ó da ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí kọ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ wọ́n, kí ó tẹ 500, kí ó sì rí 500500500 fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí lè máa dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í, nítorí pé àmì kékeré kan tí olùbéèrè gbàgbé láti kọ lè yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Bí èsì tí olùdáhùn rí bá yàtọ̀, kò yẹ kí ó máa méfò. Kí ó béèrè ohun kan ṣoṣo tí yóò là á lójú, bóyá kí olùbéèrè kọ ohun tí ó tẹ̀ àti ohun tí ó rí gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí èsì méjèèjì bá bára mu, orísun àṣìṣe kò jìnnà mọ́. Ohunkóhun tí `input` bá gbà wọlé, ọ̀wọ́ àmì ni ó máa ń kà á sí. Ọ̀wọ́ àmì ni àwọn lẹ́tà, nọ́ńbà tàbí àmì mìíràn tí a kọ tẹ̀léra wọn, tí kọ̀ǹpútà ń wò gẹ́gẹ́ bí ohun kíkọ lásán, tí kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣírò. Bí a bá sì ní kí Python sọ ọ̀wọ́ àmì di púpọ̀ lọ́nà mẹ́ta, ṣe ni yóò tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìfi àyè sílẹ̀ láàárín.

Nígbà tí ìdí bá ti hàn báyìí, ìdáhùn lè rí bí èyí:

Ẹ kú iṣẹ́. `print` kò jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí; ohun tí ó wà nínú `apapo` gan-an ni ó tẹ̀ jáde. Ohunkóhun tí a bá tẹ̀ fún `input`, ọ̀wọ́ àmì ni Python ń kà á sí, kódà bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà, tí a bá sì sọ ọ̀wọ́ àmì di púpọ̀ lọ́nà mẹ́ta, yóò tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni. Ẹ fi `int` sọ ọ́ di nọ́ńbà ní ìlà kìíní, ẹ fi ìlà yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà:

```
iye = int(input("Iye owo kongo kan: "))
```

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ náà, ẹ kọ `print(type(iye))` sí abẹ́ ìlà yìí: kí ẹ tó yí i padà, yóò sọ pé `<class 'str'>`, èyí tí í ṣe ọ̀wọ́ àmì, lẹ́yìn rẹ̀ yóò sọ pé `<class 'int'>`, èyí tí í ṣe nọ́ńbà odidi. Ẹ má ṣe fi kọ́mà sáàárín nọ́ńbà tí ẹ bá ń tẹ̀, nítorí `int` kò gba 1,500.

Gbólóhùn kejì nínú ìdáhùn yìí ni ó dá olùbéèrè lóhùn ní ibi tí ó dúró sí. Bí olùdáhùn bá bẹ̀rẹ̀ láti orí `input` láìdárúkọ `print`, olùbéèrè lè rò pé kò ka ìbéèrè òun. Bí ó bá sì kọ́ ọ bí a ti ń dá `print` lẹ́kun lóòótọ́, yóò ti fún un ní ohun tí ó tọrọ, ṣùgbọ́n àpapọ̀ owó náà kò ní tọ̀nà láéláé. Ọ̀wọ̀ tún hàn nínú lílo “ẹ” fún ẹni tí a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, àti nínú ohun tí a kò kọ rárá. Kò sí “ṣebí ó ti yẹ kí ẹ mọ̀” níbẹ̀, kò sì sí “ohun tí ó rọrùn gan-an ni”, nítorí pé ẹni tí a bá sọ fún pé ohun tí ó ti ń dà á láàmú rọrùn, a ti sọ fún un pé ọgbọ́n rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìtàn èdè Python fúnra rẹ̀ fi hàn pé kò sí ìdí fún irú ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀. Nínú Python 2, bí a bá tẹ 500 fún `input`, nọ́ńbà ni yóò gbà á sí, ètò akẹ́kọ̀ọ́ wa yìí ì bá sì ti mú 1500 jáde níbẹ̀. Python 3, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ni ó yí èyí padà. Àwọn tí ń tọ́jú èdè náà kò sì ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún Python 2 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ìwé ni a fi kọ́ni pẹ̀lú ọ̀nà àtijọ́ fún ọdún púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó da irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ láìṣàṣìṣe lẹ́tà kan lè rí 500500500 lórí Python 3, kì í sì í ṣe nítorí pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìtàn yìí kan náà ni ó ń jẹ́ kí a mọ ìdáhùn tí ó dára lójú ṣùgbọ́n tí ó léwu. Àwọn kan máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí ó fi `eval` sí ibi tí a fi `int` sí, èsì rẹ̀ fún 500 yóò sì jẹ́ 1500 lóòótọ́. Àmọ́ iṣẹ́ `eval` ni láti mú ohunkóhun tí a bá tẹ̀ ṣẹ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ Python, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí a ní kí ó tẹ iye owó gàrí lè tẹ àṣẹ tí yóò pa fáìlì rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà náà. Ohun tí `input` ń ṣe nínú Python 2 gan-an nìyẹn. Olùdáhùn tí ó bá yan `eval` ti yanjú ìṣòro òní nípa dídá ewu ọ̀la sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì mọ bí a ti ń dá ewu mọ̀, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kì í yẹ ohun tí a fún un wò kí ó tó lò ó.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ìbéèrè tí olùdáhùn ní láti bi ara rẹ̀ ni pé àbọ̀ wo ni yóò sọ, èwo ni yóò sì dá dúró. Ọ̀rọ̀ nípa nọ́ńbà tí kì í ṣe odidi, tí a nílò bí kọ́bọ̀ bá wà nínú owó, kò sí nínú ìdáhùn òkè yìí; bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ètò yóò ṣe máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹnì kan bá tẹ lẹ́tà dípò nọ́ńbà. Òtítọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n bí a bá kó wọn jọ, ìlà mẹ́ta akẹ́kọ̀ọ́ yóò di ogún, kò sì ní mọ èyí tí ó yanjú ìṣòro rẹ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kọ́mà nìkan ni a fi kún un, nítorí pé bí owó gàrí bá ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan, bí a ti ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà yóò sì dá a lóhùn pé:

```
ValueError: invalid literal for int() with base 10: '1,500'
```

Ohun tí ìkìlọ̀ yìí ń sọ ni pé `int` kò lè sọ ọ̀wọ́ àmì náà di nọ́ńbà. Ohun tí ó bá dúró de akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣísẹ̀ tí ó kàn ni ó yẹ kí a sọ; èyí tí ó bá jìnnà sí i lè dúró de ìbéèrè tirẹ̀.

Àmì tí a fi ń mọ̀ pé ìdáhùn ṣiṣẹ́ kì í ṣe ìdúpẹ́ olùbéèrè, nítorí pé 1500 tí ó rí ti tó láti mú un dúpẹ́. Láìpẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò fẹ́ kí ètò rẹ̀ béèrè iye kóńgò pẹ̀lú, kí ó má jẹ́ mẹ́ta ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá fi `input` gbà á láìfi `int` kún un, tí ó tẹ 500 fún owó àti 3 fún iye kóńgò, Python kò ní kìlọ̀; ṣe ni yóò tẹ 3 jáde ní ìgbà 500 láìfi àyè sílẹ̀ láàárín.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti ṣàlàyé ìdí fún yóò rí 3 tí a tún kọ léraléra, yóò rántí pé ọ̀wọ́ àmì ni, yóò sì fi `int` kún ìlà kejì fúnra rẹ̀ láìtún béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà wá béèrè ohun kan náà ní ọ̀nà mìíràn, a jẹ́ pé àtúnṣe ni ó gbà lọ nígbà àkọ́kọ́, kì í ṣe ìdí. Olùdáhùn ni ó sì yẹ kí ó padà sí gbólóhùn tí ó fi ṣàlàyé ìdí náà, kí ó tún un kọ títí yóò fi ṣe kedere.